Ẹni Kẹta Nínú Èrò Márùn-ún

Mo fẹ́ fọ́nnu. Mo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìfọ́nnu lè tètè wá nǹkan mìíràn kà. Ohun kan wà tí mo ṣe níwájú pátákó, lójú ogójì ọmọ tí mo lè bí, tí ẹnikẹ́ni kò bá mi ṣe. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ìkàrẹ́. Ọ̀kà ni mò ń gbé, nílé bàbá mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ JSS pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí NCE, ọdún mọ́kànlá náà ni wọ́n sì fi ń sọ fún mi pé ẹni tí kò ní dìgírì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan SS. Ó ń dùn mí wọ egungun. Mo mọ ìṣirò, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ìdá àti ìpín, tí wọ́n bá ti wọ SS báyìí, wọn kì í wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí yunifásítì tó wà ní Àkùngbá, lójú ọ̀nà láàrin Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́. Mo ka gbogbo kọ́ọ̀sì tán, mo yege, àfi ẹyọ kan ṣoṣo. Kọ́ọ̀sì ìṣeéṣe ni, níbi tí wọ́n ti ń wọn bí nǹkan ṣe lè ṣẹlẹ̀ tó. Mo fìdí rẹmi nínú ẹ̀, ó di kári-ófà, mo ní láti tún un jókòó ṣe lọ́dún kejì.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Ìyáàfin, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni ẹ kì í sí ní kíláàsì nítorí Àkùngbá yìí. Àwọn òbí ń bi mí, mò ń bá yín tọrọ àforíjì. Mo máa fọwọ́ sí ìwé àyè yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá tún fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo jáde, mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ àwọn olùkọ́, mo nu ojú mi, mo wọ JSS 2 lọ. Ẹ̀kọ́ ìdá ni mo kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, mo sì kọ́ ọ dáadáa.

Àwọn ọmọ tí mo wá bá jókòó ní Àkùngbá fún kári-ófà yìí, "Màmá" ni wọ́n ń pè mí. Mi ò bínú sí ìyẹn. Èyí tó mú mi lọ́kàn ni ọ̀gá tútó wọn. Ọmọkùnrin gíga kan ni, ó mú bí abẹ, òun ló máa ń kó gbogbo kíláàsì jọ lọ́sàn-án Sátidé láti tún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà ṣe fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọlé tí ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. Èmi ni mo kọ́ ọ ní JSS 1 ní Ìkàrẹ́! Inú mi dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó ti ń sọ fún mi pé, "Mà, ẹ kọ èyí sílẹ̀, ẹ há a sórí bẹ́ẹ̀, ẹ má ro ó jù."

Ohun tí ó ní kí n há sórí wà nínú háńdáòtì. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa háńdáòtì yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ti jáde ló kọ ọ́, àwọn tó tẹ̀lé wọn ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, àwọn tó tún tẹ̀lé àwọn ìyẹn ṣe fọ́tókọ́pì ti fọ́tókọ́pì, títí etí ìwé náà fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí olùkọ́ kankan tó mọ̀ nípa rẹ̀. Láàrin àwọn ọmọ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í bá háńdáòtì jiyàn. Bí ohun tí dókítà tó ń kọ́ wa sọ ní kíláàsì kò bá bá a mu, wọ́n á ní dókítà fẹ́ da orí wọn rú ni.

Ojú ewé kẹsàn-án ni tiwa yìí. Ká ní o mú nọ́ńbà márùn-ún láàrin òdo àti ọ̀kan. Kò sí ibì kan tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn ju ibòmíràn lọ, ìkan ò sì mọ ibi tí èkejì wà. O wá tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Ìbéèrè ni pé: níbo ni èyí tó kéré jù máa bọ́ sí? Níbo ni èyí tó tóbi jù máa bọ́ sí? Ẹni kẹta ńkọ́? Háńdáòtì ní kí o mú ọ̀nà tí a fi lè ṣa ẹni mẹ́ta nínú márùn-ún, ìyẹn mẹ́wàá, kí o fi sọ x³ di púpọ̀, kí o tún fi (1 − x)² sọ ọ́ di púpọ̀, díńsítì ẹni kẹta nìyẹn. Díńsítì ni ohun tó ń sọ bí ẹni náà ṣe lè bọ́ sí àdúgbò ibì kan tó. Ohun tí mo kọ sínú ìdánwò lọ́dún tí mo fìdí rẹmi gan-an nìyẹn. Dókítà tó ń kọ́ wa fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó sì kọ gbólóhùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ mélòó?" Ọdún kan gbáko ni mo fi wo gbólóhùn yẹn, mi ò mọ ohun tó ń bi mí.

Ọkọ̀ ló là mí lójú. Àwa márùn-ún la jọ ń wọ ọkọ̀ kan láràárọ̀ láti Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́, olùkọ́ ni gbogbo wa: èmi, tọkọtaya kan, àti àwọn obìnrin méjì mìíràn. Àdéhùn tí a bá awakọ̀ ṣe ni pé kí kálukú dé oríta láàrin aago mẹ́fà sí aago méje, bó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ọkọ̀ ṣí nígbà tí ẹni karùn-ún bá ti jókòó. Ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà ni awakọ̀ náà, ẹnu rẹ̀ mú. Èmi náà, ẹnu mi kì í ṣe kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó síwájú ọkọ̀, inú ń bí mi, mo ní, "Kí ló dé tí a kì í tètè kúrò níbí? Ẹnì kan ń yá, ẹnì kan ń pẹ́, ṣebí aago mẹ́fà ààbọ̀ ló yẹ ká máa lọ?"

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ọkọ̀ yìí ò mọ àárín o. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló mọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ máa ń dé ní bíi mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni ìkẹyìn ní bíi méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ mìíràn á yá díẹ̀, ọjọ́ mìíràn á pẹ́ díẹ̀. Bí mo ṣe ń rí i nìyẹn látọjọ́ tí mo ti ń gbé yín."

Ẹni tó dé kẹ́yìn! Èyí tó tóbi jù nínú nọ́ńbà márùn-ún! Mo fa bírò yọ nínú báàgì mi. Kí ẹni ìkẹyìn tó lè ti dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, gbogbo wa márààrún gbọ́dọ̀ ti dé kí ó tó di ààbọ̀. Ìdajì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdajì lọ́nà ìdajì lẹ́ẹ̀márùn-ún, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ kan péré nínú bíi méjìlélọ́gbọ̀n ni ohun tí mò ń bá ọkùnrin yìí jà lé lórí lè ṣẹlẹ̀! Bí mo bá sì fẹ́ mọ ti ìṣẹ́jú èyíkéyìí, kí n sọ ibi tí a dé nínú wákàtí náà di x, kí n fi x sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. x⁵ ni ìṣeéṣe pé ẹni ìkẹyìn ti dé.

Ti ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́? Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ti ṣubú, torí a máa ń fẹ́ mú un láti iwájú. Ẹ̀yìn la ti ń mú un. Kí ẹni àkọ́kọ́ má tíì dé, a jẹ́ pé kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ti dé, gbogbo wa márààrún ṣì wà nílé. (1 − x)⁵ nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀kan, ẹ ti rí ìṣeéṣe pé ẹni àkọ́kọ́ ti dé.

Mo wá wo wákàtí náà bí okùn. Ẹni márùn-ún tó dé sínú rẹ̀ gé e sí ọ̀nà mẹ́fà. Kò sí ọ̀nà kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ní ìdí láti gùn ju òmíràn lọ tí a bá ro ọ̀pọ̀ ọjọ́ pọ̀, torí náà ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kálukú wọn máa jẹ́. Ẹni àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni kejì, ogún. Ẹni kẹta, ọgbọ̀n. Ẹni kẹrin, ogójì. Ẹni ìkẹyìn, àádọ́ta. Méje ku mẹ́wàá! Mo pariwo nínú ọkọ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá nǹkan ta mí. Mo ní rárá o, ohun tó ta mí ti jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo kọjú sí ẹni kẹta. Mo bi ara mi pé, kí ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ẹni kẹta tó lè máa wọ ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú yìí gan-an? Ẹni méjì gbọ́dọ̀ ti jókòó. Ẹni méjì gbọ́dọ̀ ṣì wà lọ́nà. Ẹnì kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ta ni ẹni tó di ilẹ̀kùn mú? Ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wa márùn-ún. Nínú mẹ́rin tó kù, àwọn méjì wo ló ti jókòó? Ọ̀nà mẹ́fà ló wà láti ṣà wọ́n. Márùn-ún lọ́nà mẹ́fà, ọgbọ̀n. Àwọn méjì tó ti dé mú x² wá, àwọn méjì tí kò tíì dé mú (1 − x)² wá. 30x²(1 − x)². Háńdáòtì ní mẹ́wàá, ó ní x³. Háńdáòtì ka ẹni mẹ́ta tó ti jókòó sínú ọkọ̀, kò sọ ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́! Nǹkan méjì ni. Ẹni mẹ́ta lè ti wà nínú ọkọ̀ láti ìgbà pípẹ́, kí wọ́n ti máa sùn.

Mo ti rò pé gbogbo ayé ló máa bá mi yọ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo nàwọ́ sókè ní tútó. Mo ní, "Ojú ewé kẹsàn-án kò tọ̀nà." Ọmọ mi àtijọ́ yẹn wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, háńdáòtì yìí ti gbé sẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ jáde. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ fi márùn-ún sí ibi tí mẹ́ta wà. Kí ló fún yín? x⁵. Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé x⁵ ni ti ẹni ìkẹyìn? Ó bára mu." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lóòótọ́, x⁵ ni mo rí nínú ọkọ̀. Ọmọbìnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ gbà wá o, ẹni tó ní kári-ófà ló ń ṣàtúnṣe fún wa!" Ẹ̀rín sọ. Mo kó ìwé mi, mo gun ọ̀kadà lọ sílé, mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Èébú tí mo bú wọn nínú ọkàn mi láti Àkùngbá dé Ọ̀kà, kò ṣeé kọ síbí.

Ìgbà tí mò ń rẹ aṣọ sínú omi ni mo rí i. "Ó ti dé" kọ́ ni "ó ń dé"! x⁵ ni ìṣeéṣe pé ẹni ìkẹyìn ti dé kí ó tó di ìṣẹ́jú x. Ìkójọpọ̀ ni ìyẹn, kì í ṣe díńsítì. Bí ìkójọpọ̀ náà ṣe ń yára pọ̀ sí i ni díńsítì, 5x⁴ sì nìyẹn. Ọmọ yẹn dán fọ́múlà rẹ̀ wò níbi kan ṣoṣo tí ó ti dà bí òótọ́. Ká ní ó fi ọ̀kan sí i ni, ìbá rí i pé ohun tí háńdáòtì ń fún ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ òdo ní aago mẹ́fà gééré, nígbà tó sì jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ràn jù. Mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi. Mo wá ìwé ìdánwò ọdún tó kọjá jáde, mo wo gbólóhùn pupa yẹn: "Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ mélòó?" Ẹni kẹta gbọ́dọ̀ dé ní ìṣẹ́jú kan láàrin wákàtí náà. Bí a bá kó gbogbo ìṣẹ́jú jọ, ọ̀kan gééré ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo kó ti háńdáòtì jọ. Ìdá kan nínú mẹ́fà! Níbo ni ìdá márùn-ún tó kù lọ? Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bínú sí ara mi fún ọdún kan tó ṣòfò.

Dókítà wa, obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbé ohùn sókè, ní ìlànà kan tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Ọgbọ̀n máàkì wà fún iṣẹ́ orí pátákó. Kálukú máa jáde, yóò fi nǹkan kan hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmú ìwé dání, ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì sì lè bi í ní ìbéèrè. Àwọn ọmọ tó kù máa ń fa bébà kékeré láti mọ ohun tó kàn wọ́n. Ẹni tó ní kári-ófà kì í fa nǹkan kan: ibi tó ti ṣubú lọ́dún tó kọjá ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n máàkì yẹn ni mi ò rí tó márùn-ún nínú ẹ̀ nígbà yẹn. Bí mo bá tún pàdánù rẹ̀, kò sí bí ìdánwò ṣe lè gbà mí, mo sì mọ ohun tí ọ̀gá wa sọ.

Dókítà pè mí lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ẹ̀rù ń bà mí títí mo fi mú ṣọ́ọ̀kì. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń mú ṣọ́ọ̀kì. Bí ó ṣe kan ọwọ́ mi báyìí, ẹ̀rù lọ.

Mo ya oríta Ọ̀kà. Mo ya ọkọ̀. Mo sọ ti ẹni ìkẹyìn, mo sọ ti ẹni àkọ́kọ́, mo sọ ti ẹni tó di ilẹ̀kùn mú. Mo kọ 30x²(1 − x)² gàdàgbà sí àárín pátákó. Ọmọ mi àtijọ́ dìde, háńdáòtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohun tí àwa ní ni 10x³(1 − x)². Báwo la ṣe máa mọ èyí tó tọ̀nà?" Kò fi ìrífín bi mí. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Mo ní, "Ìbéèrè dáadáa nìyẹn. Wá kọ tìẹ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi." Ó jáde, ó kọ ọ́. Mo kó ti èmi jọ láti òdo dé ọ̀kan lójú wọn: ìdá kan nínú mẹ́ta, yọ ìdajì kúrò, fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un, ìdá kan nínú ọgbọ̀n, ọgbọ̀n lọ́nà rẹ̀, ọ̀kan. Mo na ṣọ́ọ̀kì sí i, mo ní, "Kó tìẹ náà jọ." Ìdá kan nínú mẹ́rin, yọ ìdá méjì nínú márùn-ún, fi ìdá kan nínú mẹ́fà kún un. Ó ní ìdá kan nínú ọgọ́ta. Ó fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí pátákó. Ìdá kan nínú mẹ́fà.

Mo ní, "Ẹni kẹta tìẹ, ọjọ́ kan nínú mẹ́fà péré ló ń wá síbi iṣẹ́?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ariwo gba gbogbo yàrá. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo sì pariwo mọ́ ọmọbìnrin tó bú mi ní tútó pé kó pa fóònù rẹ̀ mọ́, kó wojú pátákó. N kò purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Mo wá sọ fún un ohun tí tiẹ̀ ń sọ gan-an, torí kò burú, ààyè rẹ̀ ló ṣì gbà: ìṣeéṣe pé ẹni mẹ́ta gééré ló ti wà nínú ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú x. Òótọ́ ni. Kì í ṣe ohun tí wọ́n bi wá ni. Ó mi orí lọ́ra-lọ́ra, ó ní, "Mo ti rí i, mà."

Dókítà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ ní tọkọtaya wà nínú ọkọ̀ yín. Ilé kan ni wọ́n ti ń bọ̀. Ṣé ìkan ò mọ ìgbà tí èkejì ń bọ̀?"

Mo ní, "Wọ́n ti ń bára wọn jà láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, mà. Kálukú ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá."

Òun náà rẹ́rìn-ín, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ó ní, "Bí wọ́n bá wá parí ìjà ńkọ́?" Mo ní, "Fọ́múlà yìí kò ní bá wọn mu mọ́, mà. Bí méjì bá jọ ń rìn, a ò lè sọ ìṣeéṣe wọn di púpọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀." Ó ní ó dáa, kí n sọ ọ́ fún iye èrò èyíkéyìí.

Mo nu pátákó. Èrò n, ẹni k ni à ń wá. Ẹnì kan di ilẹ̀kùn mú, ọ̀nà n ló wà láti mú un. Nínú àwọn tó kù, ṣa k − 1 tó ti jókòó. Sọ wọ́n di púpọ̀, ohun tó bá jáde ni n fákítọ́ríà, tí a pín pẹ̀lú fákítọ́ríà k − 1 àti fákítọ́ríà n − k. Àwọn tó ti dé mú x wá lọ́nà k − 1, àwọn tó ń bọ̀ mú 1 − x wá lọ́nà n − k. Ní ìpíndọ́gba, ẹni k máa wà ní k/(n + 1). Mo fi ọ̀kan sí k, ti ẹni àkọ́kọ́ jáde. Mo fi n sí k, ti ẹni ìkẹyìn jáde. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní ìbéèrè.

Dókítà ní, "Máàkì méjìdínlọ́gbọ̀n. Méjì tó kù, mo yọ ọ́ torí ẹ pariwo mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi." Mo ní ẹ ṣé, mà. Màá tún pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ mi àtijọ́ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Mà, gbogbo wọn ló ti há a sórí. Èmi ni mo sọ fún wọn. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀." Inú tó ti ń bí mi láti Sátidé yọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó kó wọn jọ. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, èmi ni mo kọ́ tútó. Mo ní kí kálukú fi bírò fa àgbélébùú sí ojú ewé kẹsàn-án, wọ́n sì fà á, tòun ti ọmọbìnrin yẹn. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n pa háńdáòtì dé, kí wọ́n kó díńsítì ẹni kejì nínú mẹ́rin jọ fúnra wọn. Ẹni tí kò bá rí ọ̀kan kò ní lọ sílé. Gbogbo wọn ló rí i.

A ṣe ìdánwò. Ẹni kẹrin nínú méje ni wọ́n bi wá.

Ìsinmi ránpẹ́ ni wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́jọ́ tí fóònù mi dún. Ọmọ mi àtijọ́ ni. Ó ní, "Mà, èsì ti jáde lórí ẹ̀rọ. Mo ti rí tiyín." Mo ní kó má fi mí ṣeré o. Ó ní, "Ẹ gba A, mà. Ẹ̀yin nìkan lẹ gba A." Ó ń pariwo, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ń pariwo, mo sì ń gbọ́ "Màmá! Màmá!" láti Àkùngbá wá.

Mi ò kan ilẹ̀kùn ọ̀gá wa. Mo ti ṣí èsì náà lórí fóònù, mo já wọlé, mo nà á sí i. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó wo èsì náà, ó tún un wò. Ó dìde dúró fún mi. Ó ní, "Ẹ kú oríire, Ìyáàfin. SS ti di tiyín. Ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Péríọ́dù wo ló kàn, sà?"